Títo Ọ̀rọ̀ Àtakò: Bí Ọ̀dọ́ Ṣe Lè Yapa sí Èrò Àgbà Láìrí Wọn Fín

Ọ̀nà méjì ló hàn nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọ̀wọ̀ nínú ìbánisọ̀rọ̀. Brown àti Levinson (1987) gbà pé olùsọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yan bí òun yóò ṣe rọ ọ̀rọ̀ tó lè dun ẹlòmíràn. Ide (1989), tó yẹ èdè Jàpáànù wò, tọ́ka sí i pé ipò ẹni láwùjọ ló ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ mìíràn di dandan. Méjèèjì ló wà nínú èdè Yorùbá. Dandan ni kí ọmọdé lo “ẹ” fún àgbà, ṣùgbọ́n “ẹ” nìkan kò tu àtakò lójú. “Ẹ ń purọ́” ní “ẹ” nínú, síbẹ̀ èébú ni. Ohun tí ọ̀dọ́ lè yàn ni bí yóò ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìpàdé ẹbí kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá àgbà kú, ẹ̀gbọ́n bàbá sì ní kí wọ́n yáwó ra màlúù. Ọmọbìnrin kan, ẹni ọdún 26, kò fara mọ́ gbèsè. Bó bá ní, “Èyí ò bọ́gbọ́n mu,” ó ti dá àgbà lẹ́bi lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dúró kí wọ́n sọ tiwọn tán, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àyè. Ó kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé: “Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá, ó yẹ ká sin Màmá tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.” Lẹ́yìn náà ló gbé ohun tí ìpàdé kò tíì gbé yẹ̀ wò kalẹ̀: “Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.” Ó wá fi ìbéèrè kádìí rẹ̀: “Ǹjẹ́ a lè fi ewúrẹ́ ṣe é, ká má baà jẹ gbèsè?” Ìpinnu ṣì wà lọ́wọ́ àgbà.

Bó bá pa òwe, yóò ní, “Tótó, ó ṣe bí òwe o.” Bí àwọn àgbà bá dáhùn pé, “Wàá rí òmíràn pa,” wọ́n ti yọ̀ǹda fún un. Ṣùgbọ́n tótó kò lè wẹ òwe tó ń bú àgbà mọ́.

Bí àgbà bá ní, “Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?” kì í ṣe ìbéèrè. Kí ọ̀dọ́ náà tọrọ àforíjì, kó dákẹ́, kó sì wá ẹgbẹ́ àgbà náà tó lè bá a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀nà yìí ní ààlà. Bí ìbéèrè bá rọ̀ jù, àgbà lè rò pé ọmọ ti gbà. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ dárúkọ gbèsè náà kedere. Bó bá sì jẹ́ pé aláìsàn ló yẹ kó dé ilé ìwòsàn kíákíá, kó sọ ọ́ tààrà, kó tọrọ àforíjì lẹ́yìn.