Ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́: Nígbà tí owó tí àwọn olùdásílẹ̀ mú wá kò dọ́gba

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ló mọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn lọ́dọ̀ àjọ CAC lórí, ṣùgbọ́n tí wọn kò ka ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ náà rí. Ìwé yìí, tí àwọn lọ́yà ń pè ní àtíkúlù ọ́fù asosiéṣọ̀n, ló sọ bí wọ́n á ṣe máa dìbò, bí wọ́n á ṣe máa yan dárẹ́kítọ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò. Lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, àdéhùn tó de gbogbo ẹni tó ní ìpín ni. Bí ẹ kò bá kọ tiyín, àwòkọ́ṣe tí ìjọba ti ṣe sílẹ̀ ló máa bá yín ṣiṣẹ́, ẹni tó sì ṣe àwòkọ́ṣe yẹn kò mọ ohun tí ẹ jọ sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ gàrí kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Èèyàn mẹ́ta ló fẹ́ dá a sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kó mílíọ̀nù 5.5 náírà wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ oníṣòwò kò kó owó wá ní tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ló gbé sílẹ̀, wọ́n ní ó tó mílíọ̀nù 3. Ẹni kẹta ló mọ iṣẹ́ gàrí dáadáa, òun ló máa wà níbẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 1.5 péré ló rí kó jọ. Wọ́n pín in bí owó ṣe rí: ìpín mílíọ̀nù 10, náírà kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, oníṣòwò ní 30, oníṣẹ́ gàrí ní 15.

Lójú gbogbo wọn, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe yẹn. Ẹ wá wo bí ìbò á ṣe lọ. Ìpinnu tó wọ́pọ̀ jù nínú ìpàdé kò ju kí ìbò lé ní ìlàjì lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n lè dá a ṣe. Ìpinnu àkànṣe, irú èyí tí wọ́n fi ń yí ìwé ìlànà fúnra rẹ̀ padà, gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì. Ẹ̀gbọ́n àti oníṣẹ́ gàrí pa pọ̀ jẹ́ 70, kò tó. Ẹ̀gbọ́n àti oníṣòwò jẹ́ 85, ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí túmọ̀ sí pé oníṣòwò tó ní 30 lè dá ohun ńlá dúró, àmọ́ oníṣẹ́ gàrí tó ní 15 kò lè dá nǹkankan dúró rárá. Bó dìbò, bí kò dìbò, bákan náà ni.

Ibi tó ti máa ń dunni jù ni ọ̀rọ̀ dárẹ́kítọ̀. Oníṣẹ́ gàrí lè ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà pé òun ni dárẹ́kítọ̀ títí ayé. Asán ni. Òfin sọ pé ìpinnu lásán, ti ìlàjì àti díẹ̀, lè yọ dárẹ́kítọ̀ kúrò, ohun yòówù kí ìwé ìlànà sọ, bí wọ́n bá ti fún un ní ìwé ìkìlọ̀ tó yẹ tí wọ́n sì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Bákan náà, ẹ kò lè kọ ọ́ pé ìpín tirẹ̀ ní ìbò mẹ́wàá mẹ́wàá, torí ìpín kan, ìbò kan ni òfin wa sọ. Ohun tó lè gbà á ni ìwé iṣẹ́ tó dá dúró, tó sọ owó oṣù rẹ̀ àti ohun tí wọ́n máa san bí wọ́n bá dá iṣẹ́ náà dúró lójijì. Yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ kò pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà tí ìwé ìlànà fi lè ràn án lọ́wọ́. Èkíní ni kí wọ́n dá oríṣi ìpín méjì sílẹ̀. Ìpín oníṣẹ́ gàrí á jẹ́ oríṣi kejì, wọ́n á sì kọ ọ́ pé ẹni tó ni oríṣi yìí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan dárẹ́kítọ̀ kan. Bí wọ́n bá yọ èyí tó yàn, ó lè yan ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ tó wà lára oríṣi ìpín kan kò sì ṣeé yí padà láìjẹ́ pé àwọn tó ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin oríṣi náà gbà, àfi bí ìwé fúnra rẹ̀ bá sọ ọ̀nà mìíràn. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ni ín, ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà.

Èkejì ni èyí tí mo fẹ́ràn jù: kì í ṣe gbogbo owó tí èèyàn mú wá ló gbọ́dọ̀ di ìpín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n fi ìpín mọ sí mílíọ̀nù 5. Ẹ̀gbọ́n gba mílíọ̀nù 2, ìdá 40. Oníṣòwò gba mílíọ̀nù 1.5, oníṣẹ́ gàrí náà gba 1.5, ìdá 30 fún ìkọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 3.5 tó kù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n á di ẹ̀yáwó tí ilé-iṣẹ́ jẹ ẹ́, pẹ̀lú èlé tí wọ́n fohùn sí. Ilé-iṣẹ́ á sì jẹ oníṣòwò ní 1.5 lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Báyìí, kò sẹ́ni tó lè dá pinnu nǹkan. Èèyàn méjì pa pọ̀ lè ṣe ìpinnu lásán, ṣùgbọ́n ìpinnu àkànṣe gba kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n pàdánù àṣẹ, òótọ́ ni, àmọ́ bí iṣẹ́ bá dojú dé, wọ́n á san ẹ̀yáwó rẹ̀ kí wọ́n tó dé orí ìpín ẹnikẹ́ni. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan lè ṣorí kunkun kí ohun ńlá má lè lọ síwájú.

Ní ti ẹ̀rọ oníṣòwò, wọn kò gbọdọ̀ fi ẹnu lásán sọ pé mílíọ̀nù 3 ni. Bí ohun tí èèyàn fi ra ìpín kì í bá ṣe owó, òfin ní kí ilé-iṣẹ́ wá ẹni tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà láti dá iye lé e. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀ péré, àwọn tó kó owó gidi wá ni wọ́n gbé ẹrù ìyókù, wọn kò sì ní mọ̀ títí mẹkáníìkì á fi ṣí i.

Kí wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ ìjáde. Òfin gbà wọ́n láàyè láti kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ta ìpín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lọ àwọn tó kù, àti pé bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ju ìlàjì ìpín ilé-iṣẹ́ lọ fún ará ìta, ará ìta yẹn gbọ́dọ̀ fẹ́ ra ti gbogbo èèyàn ní iye kan náà. Bí ẹ̀gbọ́n tó ní 55 bá fẹ́ tà, gbólóhùn kejì yìí ni kò ní jẹ́ kí oníṣẹ́ gàrí jí lọ́jọ́ kan bá ọ̀gá tí kò mọ̀ rí. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni iye. Kí ìwé sọ ẹni tó máa dá iye lé e, bí àpẹẹrẹ akáńtáǹtì tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣiṣẹ́, iye ọjọ́ tí àwọn tó kù ní láti fèsì, àti bóyá wọ́n lè san án díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n sọ bákan náà pé ìlànà yìí ló máa ṣiṣẹ́ bí ẹnì kan bá kú, kí àwọn ọmọ olóògbé lè rí owó gbà láìwọnú ìpàdé.

Ẹ̀yin tí ilé-iṣẹ́ yín ti wà nílẹ̀, ẹ lè gba ẹ̀dà ìwé ìlànà yín lọ́dọ̀ àjọ CAC. Bí kò bá sí ohunkóhun nínú rẹ̀ nípa oríṣi ìpín tàbí iye tí wọ́n fi ń ra ti ẹni tó ń lọ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àwòkọ́ṣe ni. Láti yí i padà, ẹ máa fún àwọn olùpín ní ìwé ìpè ọjọ́ 21, ẹ máa ṣe ìpinnu àkànṣe, ẹ ó sì fi ránṣẹ́ sí àjọ náà. Nínú àpẹẹrẹ wa àkọ́kọ́, èyí já sí pé ẹ̀gbọ́n àti oníṣòwò gbọ́dọ̀ gbà á, tí oníṣẹ́ gàrí bá máa rí ohunkóhun.