Láti Orí Àánú dé Orí Ẹ̀tọ́: Owó Òṣìṣẹ́ Tó Kú Sẹ́nu Iṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kú sẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ìdílé rẹ̀ ní láti máa rí láàárín ẹkún kò kéré: owó oṣù tí wọ́n ṣì jẹ ẹ́, gírátúítì tó ti ṣiṣẹ́ fún, àti owó tí òfin ní kí wọ́n san fún àwọn tó fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní Ọ̀wọ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó ń gba owó oṣù níbẹ̀ ló jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba: àwọn tíṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, òṣìṣẹ́ Pọ́lì Rúfọ́ọ̀sì Gíwá, àti ti Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹ́fù-Ẹ́mù-Sí. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ tọpa ibi tí ẹ̀tọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá, kí a lè mọ ìdí tí owó tí òfin ti fọwọ́ sí fi ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ opó àti ọmọ òrukàn.

Ní ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àánú ni owó yìí, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe ní 1951, tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1946, fi ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ gómìnà. Òun ló máa sọ ẹni tí yóò gbà á àti ẹni tí kò ní gbà á. Bí akọ̀wé bá kú, ìdílé rẹ̀ lè kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi òfin béèrè.

Òfin kejìlélọ́gọ́rùn-ún ti ọdún 1979 ló yí i padà. Ọdún yẹn kan náà ni Olóyè Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, di gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti ìgbà náà, àwọn ìpínlẹ̀ ń ṣírò owó òṣìṣẹ́ wọn lórí òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn lè yẹ̀ wò. Ní 1992, wọ́n dín iye ọdún rẹ̀ kù: ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún lè gba gírátúítì, ẹni tó bá sì ti ṣe mẹ́wàá lè gba owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù. Ti ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ wá lọ báyìí: owó ọdún kan tàbí gírátúítì rẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù, ni ìdílé yóò gbà. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ tó ọdún mẹ́wàá, wọn yóò tún gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní akọ̀wé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ kú lẹ́yìn ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tí owó oṣù rẹ̀ ìkẹyìn jẹ́ ₦80,000. Owó ọdún kan rẹ̀ jẹ́ ₦960,000. Gírátúítì ọdún mẹ́wàá jẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún kan, wọ́n sì ń fi mẹ́jọ kún un fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ti ogún ọdún jẹ́ 180 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó jẹ́ ₦1,728,000. Owó ìfẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ láti orí 30, ó ń fi méjì-méjì gùn. Ní ogún ọdún ó jẹ́ 50. Ìyẹn ni ₦40,000 lóṣù, tàbí ₦2,400,000 láàárín ọdún márùn-ún. Bí wọ́n bá tún jẹ ẹ́ ní owó oṣù mẹ́fà, ₦480,000 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,608,000.

Ibi tí àṣìṣe máa ń wọlé sí ni owó oṣù ìkẹyìn. Bí ìgbéga akọ̀wé náà kò bá tíì wọ inú fáìlì, tí wọ́n fi ₦70,000 ṣírò, gírátúítì nìkan yóò fi ₦216,000 dín. Ìdí nìyí tí ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga àti ìwé owó oṣù ìkẹyìn fi ṣe pàtàkì ju ìwé ìdágbére lọ.

Ṣùgbọ́n òfin yẹn ní ihò kan. Ó sọ iye tí a ó san, kò sọ pé kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀. Inú owó tó bá wọlé lọ́dọọdún ni ìjọba ti ń san án. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láti 2014, owó oṣù àwọn alààyè gan-an di gbèsè. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ ní láti ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti san án. Nígbà tí Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, gorí àlééfà ní February 2017, ó bá gbèsè owó oṣù púpọ̀ nílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Pọ́lì náà sì ti daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí gbèsè bẹ́ẹ̀. Bí alààyè tó lè daṣẹ́ sílẹ̀ bá ń dúró, òkú kò ní ohun tí yóò fi daṣẹ́ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, iye gírátúítì náà kì í yí padà bó ti wù kó pẹ́ tó, nígbà tí owó ọjà ń gòkè. Ẹni tó gbà á lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ihò yìí ni òfin 2004, àti ti 2014 tó rọ́pò rẹ̀, fẹ́ dí. Agbanisíṣẹ́ ń dá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, òṣìṣẹ́ ń dá mẹ́jọ, owó náà sì ń wọ àkáǹtì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ tún gbọ́dọ̀ ra adójútòfò ẹ̀mí tí kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Fún ẹni tó ń gba ₦80,000 lóṣù, ìyẹn jẹ́ ₦2,880,000, yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Òṣìṣẹ́ Ẹ́fù-Ẹ́mù-Sí wà lábẹ́ òfin yìí tààrà. Ti òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ dúró lórí òfin tí ìpínlẹ̀ bá ṣe àti bó ṣe ń dá owó rẹ̀ sí. Nítorí náà, ará àdúgbò kan náà ni àwọn méjì lè jẹ́, kí ìdílé wọn má sì rí ohun kan náà gbà. Òfin tuntun yìí náà ní ibi tó ti lè já: bí agbanisíṣẹ́ kò bá tíì san owó adójútòfò nígbà tí ikú dé, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò ní san kọ́bọ̀.

Ó ku ẹni tí yóò gbà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí olóògbé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọn jù ló ni gbogbo owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ti owó inú àkáǹtì, òfin 2014 fi ẹni tí ìwé ìhágún dárúkọ àti aya tàbí ọkọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ṣáájú, kó tó kan mọ̀lẹ́bí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ẹni tí ọ́fíìsì ogún ní Ilé-ẹjọ́ Gíga bá fún ní ìwé àṣẹ ni yóò gbà á. Owó adójútòfò ní tirẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ìwé adójútòfò dárúkọ. Owó oṣù tí wọ́n jẹ olóògbé jẹ́ ara ogún rẹ̀, ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ yìí náà ni wọ́n sì sábà máa ń béèrè. Nínú àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ, ọmọ ló ń jogún, yálà nípa ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí. Nínú òfin yìí, opó ní ìpín tirẹ̀, àbúrò olóògbé kò sì lè fi àṣà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti 1951 títí di òní, owó yìí ti kúrò ní àánú, ó ti di ẹ̀tọ́, ẹ̀tọ́ náà sì ń gbìyànjú láti di owó tó wà nílẹ̀ kí ikú tó dé. Fún ìdílé tó ń dúró ní Ọ̀wọ̀ lónìí, ibi tí agbanisíṣẹ́ wọn bá dúró sí lójú ọ̀nà yìí ló máa sọ bóyá ìwé nìkan ni wọ́n dì mú, tàbí owó.