"Fọ́ọ̀mánì Ni, Èmi Kọ́": Ìtàn Àwáwí Kan Tó Di Òfin fún Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Bí igi tí bíríkìlà dúró lé bá já, tàbí tí ẹ̀rọ fákítọ̀rì bá gé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu ọ̀gá: "Èmi ò sí níbẹ̀. Fọ́ọ̀mánì ló wà nídìí iṣẹ́." Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pè é ní àwáwí lásán. Ṣùgbọ́n àwáwí yìí ti jẹ́ òfin rí. Ilé ẹjọ́ ló dá a sílẹ̀, ó sì gba ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko kí ilé ẹjọ́ tó ja gbòǹgbò rẹ̀. Nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà ti jogún púpọ̀ nínú òfin tó wà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, ìtàn náà kan ẹni tó ń po kọnkéré ní Ìbàdàn lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alápatà kan ní ẹkùn Lincolnshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Thomas Fowler ni orúkọ alápatà náà, Charles Priestley sì ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1835, ọ̀gá rán Priestley pé kó bá kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ. Wọ́n ti di ẹrù lé kẹ̀kẹ́ náà ju agbára rẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ náà dà wó lójú ọ̀nà, egungun itan Priestley sì ṣẹ́. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́. Àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre, wọ́n ní kí Fowler san 100 pọ́n-ùn fún un.

Inú Priestley kò tíì dùn tán nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà. Ní ọdún 1837, Olóyè Abinger gba ìdájọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tó sọ kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé tí a bá gbà fún òṣìṣẹ́ yìí, ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí kò ní dára: ọmọ ọ̀dọ̀ yóò pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí pé ọmọ ọ̀dọ̀ mìíràn tẹ́ ibùsùn tútù fún un, tàbí nítorí pé alásè kò fọ ìkòkò mọ́. Èkejì ni pé òṣìṣẹ́ ní ojú tó fi lè rí i pé ẹrù ti pọ̀ jù, ó sì lè kọ̀ láti lọ.

Ẹ wo ìdí kejì yìí dáadáa. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tó bá mọ bí ebi ṣe ń pa tálákà mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ alápatà kò ní ẹnu láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n lójú adájọ́, òmìnira ọ̀gá àti ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dọ́gba.

Láti ara ẹjọ́ yìí ni òfin kan ti hù, èyí tí a lè pè ní òfin iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Ohun tó sọ ni pé bí òṣìṣẹ́ kan bá ṣe àìbìkítà tí ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà sì farapa, ọ̀gá kò jẹ gbèsè kankan. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ti mọ ewu yìí kó tó gba iṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ sì ti ká a mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin ṣe àṣìṣe, ọkọ̀ sì dànù. Èrò tó farapa nínú ọkọ̀ náà lè gba owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń da èédú sínú iná ọkọ̀ kan náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gé níbi kan náà, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà, nítorí pé òun àti awakọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Bí fákítọ̀rì àti iléeṣẹ́ ṣe ń tóbi sí i ni òfin yìí túbọ̀ ń ṣe ọ̀gá lóore. Alápatà tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì lè wà nídìí iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ní ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kò ní ojú tàbí ọwọ́ tirẹ̀. Máníjà àti fọ́ọ̀mánì ló ń ṣe ohun gbogbo fún un. Bó bá wá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ bíi ti àwọn yòókù ni máníjà náà lójú òfin, a jẹ́ pé kò sí àṣìṣe tí a lè kà sí iléeṣẹ́ lọ́rùn láé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan ní 1880 láti dín ìnira náà kù, wọ́n sì ṣe òmíràn ní 1897 tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó farapa rí ìwọ̀nba owó gbà láìjẹ́ pé ó fìdí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni múlẹ̀. Síbẹ̀, òfin iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kò kúrò nílẹ̀.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ìyípadà ti wá. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 1933, awakùsà kan tó ń jẹ́ English ń ṣiṣẹ́ níbi tí iléeṣẹ́ Wilsons and Clyde ti ń wa èédú ní Skọ́tlándì, irú èédú tí wọ́n wà ní Ẹnúgu nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí fún un. Ó ń rìn ní ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ lọ síbi tí wọn yóò ti gbé e gòkè. Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ̀rọ fi ń fa kẹ̀kẹ́ èédú. Bí ó ti ń lọ ni wọ́n tan ẹ̀rọ náà, ó sì fún un mọ́ ara ògiri.

Ẹjọ́ tí English rò kò ní awakọ̀ ẹ̀rọ nínú. Kò sọ pé ẹni tó tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn ló gbàgbé. Ó ní láàárín aago kan ààbọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, nígbà tí gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ ń jáde, ó yẹ kí ó jẹ́ ìlànà pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró. Iléeṣẹ́ kò fi irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lélẹ̀. Àlàáfo tó wà nínú ètò iṣẹ́ ló pa á lára, àlàáfo yìí sì wà lójoojúmọ́ kí ọjọ́ ìjàǹbá tó dé.

Iléeṣẹ́ fèsì pé English ì bá gba ọ̀nà mìíràn, tàbí kó sọ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ tó lágbára jù nínú àwíjàre wọn ni pé òfin ìwakùsà ti pàṣẹ kí máníjà tó ní ìwé ẹ̀rí máa ṣàkóso iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀. Àwọn ti gba irú máníjà bẹ́ẹ̀. Bí ètò kò bá dára, máníjà ló jẹ̀bi, òun àti English sì jọ jẹ́ òṣìṣẹ́ ni.

Ẹjọ́ náà gun òkè títí tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ tó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Ilé Àwọn Olóyè. Ní oṣù keje, ọdún 1937, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìdájọ́ Priestley, wọ́n dá iléeṣẹ́ lẹ́bi. Olóyè Wright ló tò ó lẹ́sẹẹsẹ pé ojúṣe mẹ́ta ló wà lọ́rùn ọ̀gá: kí ó gba àwọn tó mọ iṣẹ́, kí ó pèsè irinṣẹ́ àti ohun èlò tó péye, kí ó sì fi ètò iṣẹ́ tó dára lélẹ̀ pẹ̀lú àbójútó tó múná. Ọ̀gá lè rán ẹlòmíràn láti ṣe wọ́n. Ó sábà gbọ́dọ̀ rán an. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó rán kò bá ṣe é, ọ̀gá ni kò ṣe é. A lè gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, a kò lè gbé ojúṣe yìí fún un.

Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí, òfin iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe di igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti já. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin gé e kúrò pátápátá ní 1948.

Ẹ má ṣe rò pé láti ìgbà náà ni gbogbo ìjàǹbá ti di ẹ̀bi ọ̀gá. Ìṣọ́ra tó yẹ ni òfin ń béèrè, kò ní kí ọ̀gá ṣe onídùúró pé ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹjọ́ Davie, tí Ilé Àwọn Olóyè kan náà dá ní 1959, fi èyí hàn. Òṣìṣẹ́ yìí ń fi òòlù lu ọ̀pá irin kan láti tú ẹ̀rọ palẹ̀. Èérún fò lára irin náà, ó sì bà á lójú. Ẹni tó rọ irin náà ló fi iná mú un le jù, kò sì sí bí a ṣe lè fi ojú lásán rí i. Ọ̀gá ti rà á lọ́wọ́ ẹni tó lórúkọ rere. Àwọn adájọ́ ní ọ̀gá kò jẹ̀bi, kí òṣìṣẹ́ lọ bá ẹni tó rọ irin. Nítorí irú ìyẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òfin tuntun ní 1969, tó ní kí ọ̀gá kọ́kọ́ dáhùn fún òṣìṣẹ́ nígbà tí irinṣẹ́ bá ní àbùkù látọwọ́ ẹni tó ṣe é, kí òun náà wá lọ bá ẹni náà. Òfin 1969 yẹn kì í ṣe òfin Nàìjíríà.

Ní tiwa, òfin iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1974 sọ ọ́ kedere ní abala kejìlá pé ọ̀gá kò lè fi iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe gba ara rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Òfin àwọn fákítọ̀rì ti 1987 tún wà, ṣùgbọ́n fákítọ̀rì ló dojú kọ jù. Ìdí nìyí tí ojúṣe mẹ́ta tí wọ́n tò ní 1937 fi wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi ilé kíkọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi wọ́n wọn ọ̀rọ̀ igi tó já. Bí lébìrà kan bá sáré gbé igi tó ti jẹrà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí igi tó dára wà nílẹ̀, àṣìṣe ẹnìkan nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé igi tí wọ́n tú lára ilé tó kọjá ni wọ́n ń lò láti ilé dé ilé, tí kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò kí bíríkìlà tó gùn ún, ètò ló bàjẹ́, ètò sì jẹ́ ti ọ̀gá. Ìbéèrè tó kù ni ta ni ọ̀gá. Onílé tó gbé gbogbo iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe lè máà jẹ́ ọ̀gá bíríkìlà. Ẹni tó gbà á síṣẹ́, tó ń pàṣẹ fún un, tó sì ń sanwó rẹ̀, ni òfin yóò kọ́kọ́ wò.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá bá tún sọ pé fọ́ọ̀mánì ni, òun kọ́, kí a má ṣe bá a jiyàn pé irọ́ ló ń pa. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé fọ́ọ̀mánì ni. Ohun tí English jà fún lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti fún un mọ́ ògiri ni pé òótọ́ yẹn kì í ṣe ìdáhùn.