Kò sí kọfí nínú sítáótù: ibi tí adùn yẹn ti wá

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Níbi ìkómọ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan kọ ìgò sítáótù tí ẹ̀gbọ́n wa gbé ka iwájú ẹ̀. Kì í ṣe pé kì í mutí o. Ó ní òun ti jáwọ́ nínú kọfí torí kì í jẹ́ kóun sùn, pé kọfí sì ni wọ́n ń dà sínú sítáótù, ẹni tó bá tọ́ ọ wò á mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni. Làwọn méjèèjì bá kọjú sí mi, torí èmi ni wọ́n ń pè ní onítàn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí. Mo délé, mo lọ kàwé.

Ìdáhùn kúkúrú: kò sí kọfí níbẹ̀. Ọkà tí wọ́n yan títí tó fi dúdú ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dórí ọgbọ́n yẹn gan-an ló gbà mí lọ́kàn, torí owó orí, màgòmágó àti òfin ìjọba ló bí i.

Ká kọ́kọ́ mọ mọ́ọ̀tì ná. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pín fọ́mọdé níbi àríyá ni mò ń sọ. Mọ́ọ̀tì àwọn apọntí ni ọkà, báálì ló sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n rẹ sómi títí tó fi hù, tí wọ́n wá fi ooru gbẹ kó má baà hù jù. Ẹni tí ìyá ẹ̀ àgbà bá ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: àgbàdo náà ní láti hù kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Híhù yẹn ló ń jẹ́ kí inú ọkà lè di ṣúgà, ṣúgà yẹn ni yíìsì ń jẹ, tó fi ń di ọtí.

Ó yá, Lọ́ńdọ̀nù. Ní nǹkan bí ọdún 1720, ọtí pupa rúsúrúsú kan gbòde níbẹ̀. Igi tó ń jó kíkankíkan ni wọ́n fi ń gbẹ mọ́ọ̀tì ẹ̀, ó sì máa ń ní òórùn èéfín. Wọ́n á wá fi ọtí náà pa mọ́ sínú àgbá ńlá fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹnu ẹ̀ lè tutù. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ jù ni àwọn aláàárù, àwọn tó ń ru ẹrù nígboro àti létí odò Thames. Aláàárù ni pọ́tà lédè wọn, bí ọtí náà ṣe gba orúkọ nìyẹn. Ọtí àwọn alágbàrù ni, kì í ṣe tàwọn ọlọ́lá.

Sítáótù ńkọ́? Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn kàn túmọ̀ sí "líle" ni. Pọ́tà tó bá le ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní sítáótù pọ́tà, nígbà tó yá wọ́n gé ìdí ẹ̀ kúrò. Torí náà, ẹni tó bá ń bá yín jà lónìí lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn apọntí gan-an ò tíì fẹnu kò.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Àwọn apọntí bẹ̀rẹ̀ sí í lo haidirómítà, ohun èlò kékeré kan tó ń léfòó nínú omi mọ́ọ̀tì, tó ń fi bí ṣúgà inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn. Ọ̀gbẹ́ni John Richardson kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1784. Àṣé mọ́ọ̀tì pupa tí wọ́n ń rà lówó pọ́ọ́kú kì í mú ṣúgà tó pọ̀ jáde! Mọ́ọ̀tì funfun wọ́n ju ìyẹn lọ, àmọ́ ọtí tó ń ti inú ẹ̀ jáde pọ̀ jù ú lọ dáadáa. Owó orí mọ́ọ̀tì sì tún ń lọ sókè nítorí ogun Napoleon. Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Wọ́n sá lọ sọ́dọ̀ mọ́ọ̀tì funfun.

Àmọ́ mọ́ọ̀tì funfun kì í ṣe ọtí dúdú. Oníbàárà ń retí àwọ̀ tó mọ̀, làwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ màkàrúrù. Àwọn míì fi ṣúgà jíjó pa á láró. Àwọn tó burú jù ń fi omi là á, wọ́n á wá fi èso olóró kan sí i kó lè máa kọ́ni lójú bí ọtí líle. Irú èso yẹn làwọn apẹja kan fi ń mú ẹja dákú lódò o! Ní 1816, ìjọba fòfin dè gbogbo ẹ̀: mọ́ọ̀tì àti òdòdó họ́ọ̀pù tó ń mú ọtí korò nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Apọntí tí wọ́n bá ká nǹkan míì mọ́ lọ́wọ́ á san igba pọ́ùn.

Ṣẹ́ ẹ rí i pé wọ́n há báyìí? Mọ́ọ̀tì pupa ń jẹ owó, ṣúgà jíjó ti di ẹ̀ṣẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1817, Daniel Wheeler gbàwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan. Dírọ́ọ̀mù irin tó ń yí lórí iná ni, ó jọ èyí tí wọ́n fi ń yan kọfí gan-an. Mọ́ọ̀tì ń yí nínú ẹ̀, iná ò kàn án ní tààrà, ó wá lè dúdú bí èédú láìdi eérú. Mọ́ọ̀tì ṣì ni, òfin ò lè mú un. Díẹ̀ péré nínú ẹ̀ sì tó láti sọ ọtí funfun di dúdú.

Èyí ló dáhùn ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ẹ ronú sí àgbàdo sísun lẹ́bàá títì. Kó tó gbóná, òórùn àgbàdo lásán ni. Tó bá pọ́n, òórùn ẹ̀ á yí padà, á máa fa ọ̀fun. Tó bá dúdú, á korò. Ooru ló ń mú ṣúgà àti èròjà amáradàgbà inú ọkà pàdé ara wọn, tí wọ́n fi ń bí òórùn tuntun. Kóró kọfí náà ní méjèèjì nínú, ìwọ̀n ooru tí wọ́n fi ń yan òun àti mọ́ọ̀tì dúdú ò sì jìnnà síra, ó lé ní 200 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì. Torí náà, ọ̀pọ̀ òórùn kan náà ló ń ti inú wọn jáde. Kaféènì tó ń lé oorun lọ ni ooru ò lè dá sílẹ̀. Inú kóró kọfí ló ti wà látilẹ̀, kò sí nínú báálì.

Ìwọ̀n ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá fẹ́ pọn ogún lítà sítáótù nílé lè lo kílò mẹ́rin ààbọ̀ mọ́ọ̀tì funfun, kó fi ìdajì kílò dúdú sí i. Tó bá sọ dúdú yẹn di kílò méjì, kọfí á pòórá, ọtí á máa dà bí eérú lẹ́nu, á sì máa ha ọ̀fun. Tí wọ́n bá yan án kọjá ààlà nínú dírọ́ọ̀mù, ó lè gbiná, ìdí nìyẹn tí àwọn ayan-mọ́ọ̀tì fi máa ń wọ́n omi sí i lásìkò. Lẹ́yìn 1880 tí owó orí mọ́ọ̀tì kúrò, báálì tí kò hù rárá tún di ohun tí wọ́n lè yan sínú ọtí. Òun ló sún mọ́ kọfí jù, adùn ẹ̀ gbẹ, ó mú.

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Guinness, tó bẹ̀rẹ̀ ní Dọ́bílìnì ní 1759, ṣí ilé ìpọntí sí Ìkejà ní 1962. Nígbà tí ìjọba wa fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì wọlé ní 1988, àwọn apọntí ní láti yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Báwo ló ṣe wá dúdú? Omi ìyọ́kúrò báálì yíyan, tó ki, tó dúdú, ló ń ti Ireland wá, òun ni wọ́n ń dà sínú ọtí funfun tí wọ́n pọn síbí. Ẹnu àgbá díẹ̀ yẹn ni gbogbo "kọfí" yẹn wà.

Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Mo sì kìlọ̀ fún un: àwọn apọntí kéékèèké kan wà lónìí tó ń da kọfí gidi sínú sítáótù lóòótọ́, kó máa ka ara ìgò, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ó tọ́ tẹ̀gbọ́n wò lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ó korò jù, ó bá da èyí tó kù sínú ife mi.