Ìtumọ̀ àkọlé ìkìlọ̀ ara ẹ̀rọ: ọ̀ràn ẹ̀rọ amúnáwá

Títúmọ̀ àkọlé ìkìlọ̀ ara ẹ̀rọ ni iṣẹ́ sísọ ọ̀rọ̀ àti àmì ewu tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ lẹ̀ mọ́ ọn di ohun tí ẹni tó ń lò ó yóò lóye ní èdè rẹ̀, débi pé yóò mọ ohun tó lè ṣe é, ibi tó ti ń wá, àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ nílé Yorùbá lónìí, àkọlé ara ẹ̀rọ amúnáwá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní jẹnẹrétọ̀, ló gba ìrònú jù. Ooru áyọ́ọ̀nù ń jó ọwọ́, wáyà tó bó ń gbé ènìyàn. Ẹni tí ó ti ṣe rí mọ ohun tí ìkìlọ̀ ń sọ. Ewu jẹnẹrétọ̀ tó burú jù kò ní àmì kankan tí ara fi ń mọ̀ ọ́n.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ọjà fi òfin lé e pé gbogbo ẹ̀rọ amúnáwá tó ṣeé gbé kiri, tí wọ́n bá ṣe tàbí tí wọ́n bá kó wọlé láti ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 2007, gbọ́dọ̀ ní àkọlé ewu kan lára. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: pé lílo ẹ̀rọ náà nínú ilé lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pé kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́ksáìdì wà nínú èéfín rẹ̀, olóró tí a kò lè fojú rí, tí a kò sì lè gbọ́ òórùn rẹ̀, pé a kò gbọdọ̀ lò ó nínú ilé tàbí nínú gáréèjì, bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tilẹ̀ ṣí sílẹ̀, pé ìta nìkan ni ká ti lò ó, jìnnà sí fèrèsé, ilẹ̀kùn àti ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Gbólóhùn mélòó kan péré ni, kò sì sí èyí tó le lójú. Síbẹ̀, a lè yí gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá tó mọ́, kí òǹkàwé sì gbé ẹ̀rọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Orúkọ ewu

Nígbà tí bẹntiróòlù bá ń jó nínú ẹ̀rọ, kì í jó tán pátápátá. Ibẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́ksáìdì ti ń wá. Bí ènìyàn bá mí i sínú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ó sì ń gba ipò rẹ̀. Ẹni náà ṣì ń mí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbé ọ́síjìn tó dé ọpọlọ àti ọkàn mọ́. Orí á máa fọ́ ọ, òòyì á kọ́ ọ, àárẹ̀ á mú un, èébì á máa gbé e. Ní ilẹ̀ wa, ibà ni gbogbo ìyẹn ń sọ, ohun tí aláìsàn ibà sì máa ń ṣe ni kó lo oògùn, kó wá ibi sùn sí.

Báwo ni a ó ṣe wá pe ohun yìí? Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń wá sẹ́nu olùtúmọ̀ ni "èéfín". Kò tọ̀nà. Èéfín ni ohun tí ojú ń rí, tó ń ta ojú, tó ń mú ni húkọ́. Bí ìkìlọ̀ bá sọ pé èéfín léwu, ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣì tuntun, tí kò rú èéfín kankan, yóò gbà pé òun ti bọ́ nínú ewu. Ọ̀rọ̀ kejì ni "gáàsì". Gáàsì ìdáná ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí gáàsì, a sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bó bá ń jò, nítorí àwọn tó ń ṣe é ń fi ohun tó ń rùn sínú rẹ̀ kí ìjò má bàa pamọ́. Òǹkàwé yóò máa retí òórùn tí kò ní dé.

Ọ̀rọ̀ kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù: "májèlé". Ìwé atúmọ̀ èdè yóò gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n májèlé ni ohun tí a jẹ tàbí tí a mu, ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ ilé sì mọ̀ fún un ni epo pupa tàbí mílíìkì. Nípa bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ tó pe afẹ́fẹ́ yìí ní májèlé ti sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún ẹni tó bá dákú. Epo tí a bá rọ sẹ́nu ẹni tó dákú lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì ní ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹ̀jẹ̀ tí kò gbé ọ́síjìn mọ́. Ohun tó nílò ni kí wọ́n gbé e jáde sí gbangba, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn. "Afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn" gùn ju májèlé lọ, àmọ́ ó sọ ọ̀nà tí ewu náà ń gbà wọ ara, ìyẹn mímí, kò sì pe epo pupa wá.

Má àti máa

"Ẹ má lò ó nínú ilé" jẹ́ ìkìlọ̀. "Ẹ máa lò ó nínú ilé" jẹ́ àṣẹ pé ká lò ó níbẹ̀. Lórí ìwé tí ó ní àmì ohùn, ìyàtọ̀ wọn hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àkọlé ara ọjà kì í ní àmì ohùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi "a" kan ṣoṣo kọ "máa". Bí ìwé àkọlé bá wá ka "E ma lo o ninu ile", òǹkàwé ni yóò yan èyí tó wù ú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a yẹra fún "má" pátápátá nínú àkọlé ewu, kí a lo "a kò gbọdọ̀". Bí wọ́n tilẹ̀ yọ gbogbo àmì kúrò, "a ko gbodo" kò lè di ohun mìíràn.

Ibo ni ìta?

Gbólóhùn tó sọ pé "inú ilé" àti "ìta" gbà pé ilé ní ògiri mẹ́rin, pé ìta sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri náà. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gba àárín wọn, ẹni tó jáde kúrò nínú yàrá rẹ̀ ti "bọ́ síta". Faránda náà, ìta ni. Ẹ̀yìn fèrèsé, ìta ni. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, nítorí olè, àti nítorí òjò. Nítorí náà, ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn ibi wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, kò yẹ kí a gé "bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tilẹ̀ ṣí" kúrò nítorí àyè, bí olùtúmọ̀ tó ń kánjú ṣe máa ń ṣe. Gbólóhùn yẹn ló ń dáhùn ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ jù, pé atẹ́gùn ti gbé e lọ.

"Jìnnà" kò ní ìwọ̀n. Ìmọ̀ràn àjọ Amẹ́ríkà yẹn ni pé kí ẹ̀rọ náà fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 jìnnà sí ilé, kí ihò èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ẹsẹ̀ bàtà 20 tó nǹkan bí ìgbésẹ̀ gígùn mẹ́jọ ti àgbàlagbà, ìgbésẹ̀ ni mo sì fara mọ́ pé kí a kọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbé okùn ìwọ̀n dání nígbà tí iná bá lọ lálẹ́. Ní àdúgbò tí ilé fi ara kan ilé, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ sí ilé tiwa lè jẹ́ ìgbésẹ̀ méjì sí fèrèsé aládùúgbò. "Fèrèsé gbogbo ilé" ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ ikú

Ìlànà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ANSI Z535 pín ewu tó lè ṣe ènìyàn léṣe sí ìpele mẹ́ta: èyí tí yóò pani tàbí ṣeni léṣe gidi bí a kò bá yẹra, èyí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àti èyí tó lè fa ìpalára tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló wà fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní Yorùbá, "ewu", "ìkìlọ̀" àti "ìṣọ́ra" kò ní ipò tó tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀ lọ́kàn òǹkàwé. Ó sàn kí a sọ àbájáde: "ó ń pani", "ó lè pani", "ó lè ṣeni léṣe".

Ọ̀pọ̀ olùtúmọ̀ kì í fẹ́ kọ "pani". "Ó lè pa yín" dún létí àgbàlagbà bí èpè, torí náà wọ́n á rọ̀ ọ́ sí "ó léwu fún ìlera". Irú ìrọ̀lójú bẹ́ẹ̀ sọ ikú ìṣẹ́jú díẹ̀ di ọ̀rọ̀ àìsàn ọjọ́ iwájú. "Ó ń pani" kò nàka sí ẹnikẹ́ni, kò sì dín ewu náà kù. Gbogbo àkọlé náà lè wá kà báyìí:

EWU. Ó Ń PANI LÁÀÁRÍN ÌṢẸ́JÚ DÍẸ̀. Afẹ́fẹ́ olóró ń jáde lára ẹ̀rọ yìí. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. A kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ yìí nínú yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná, faránda, ṣọ́ọ̀bù tàbí gáréèjì, bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tilẹ̀ ṣí. Gbangba ni kí ẹ gbé e sí, ìgbésẹ̀ gígùn mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn gbogbo ilé. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ jáde sí gbangba kíákíá.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn kò sí nínú àkọlé Amẹ́ríkà. Mo rò pé ó yẹ kó wà nínú tiwa, nítorí ibà.

Àmì àti ìdánwò

Àwọn kan gbà pé àwòrán kò nílò ìtumọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìráàkì láàárín ọdún 1971 sí 1972 já wọn nírọ́. Wọ́n kó ọkà tí wọ́n fi oògùn mẹ́kúrì pa lára wọ ìlú náà fún gbígbìn. Èdè Sípéènì àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ sára àpò, pẹ̀lú àwòrán agbárí àti egungun méjì, èyí tí kò túmọ̀ sí nǹkan kan fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n fi àwọ̀ kun ọkà náà. Àwọn kan fọ àwọ̀ yẹn dànù, wọ́n rò pé oró ti bá a lọ. Ó lé ní 6,500 ènìyàn tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn, 459 nínú wọn sì kú.

Ìlànà ANSI béèrè pé kí a dán àmì wò lọ́dọ̀ àwọn tí yóò lò ó: 85 nínú 100 gbọ́dọ̀ lóye rẹ̀, àwọn tó sì gbọ́ òdì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 5 lọ. Òdì yìí ló léwu ju àìmọ̀ lọ, nítorí ẹni tí kò mọ̀ lè béèrè, ẹni tó gbọ́ òdì á tan ẹ̀rọ. Nínú ìdánwò lédè Yorùbá, kò wúlò láti béèrè pé "Ṣé ó yé yín?" Ọ̀wọ̀ nìkan tó láti mú kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè tó ń mú òótọ́ jáde ni "Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lóru, ibo lẹ máa gbé e sí?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ faránda, àkọlé náà kò tíì ṣiṣẹ́, a sì ní láti fi kún un pé abẹ́ ìborí tí kò ní ògiri, tó jìnnà sílé, ni ibi rẹ̀ nígbà òjò.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti tọ́, ó ku ohun tí a fi kọ ọ́. Bẹntiróòlù àti ọ́ìlì ń dà sára jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́, àkọlé oníbébà kì í pẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ sì ń dé láìní àkọlé kankan mọ́. Kí a tó tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, ó yẹ kí a lẹ ẹyọ kan mọ́ irin gbígbóná, kí a fi aṣọ tí a rẹ sínú bẹntiróòlù nù ún léraléra, kí a sì wò ó bóyá "a kò gbọdọ̀" ṣì ṣeé kà.