Àgbáǹréré inú Bíbélì Wa: Ọ̀rọ̀ Hébérù Tó Gba Ọ̀nà Gíríìkì àti Gẹ̀ẹ́sì Wá

Níbi ìṣọ́ òru ní Magboro àti Ibafo, a máa ń gbọ́ àdúrà pé kí Olúwa gbé ìwo wa ga bí ìwo àgbáǹréré. Sáàmù 92 ni àdúrà náà ti wá. Oníwàásù a sì máa fi kún un pé ìwo kan ṣoṣo ni ẹranko náà ní, nítorí náà ẹni tí Ọlọ́run bá gbé ga kò ní ní orogún. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ògbufọ̀ rẹ̀ á ti sọ yúníkọ́ọ̀nù di àgbáǹréré kó tó mí. Ìwo kan yẹn ni a fẹ́ wádìí, nítorí kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí onísáàmù lò.

Rẹ́ẹ̀mù ni ọ̀rọ̀ Hébérù náà. Akọ màlúù igbó ni, ẹranko ńlá oníwo méjì tí ẹnikẹ́ni kì í sìn nílé. Àwọn ará Ásíríà náà ń pe ẹranko yìí ní rímù, ọ̀rọ̀ tó bá ti Hébérù tan. Irú rẹ̀ ti kú run. Èyí tó gbẹ̀yìn kú ní ilẹ̀ Pólándì ní 1627.

Nígbà tí àwọn Júù túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí Gíríìkì, kí Kristi tó dé, wọ́n fi mónókẹ́rọ́ọ̀sì rọ́pò rẹ́ẹ̀mù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni oníwo kan. Látìnì tẹ̀ lé wọn nínú Sáàmù, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba Jéémíìsì ní 1611 sì kọ yúníkọ́ọ̀nù, ẹranko inú ìtàn àròsọ tí ojú kò rí rí.

Diutarónómì 33:17 ni àṣìṣe náà ti fara hàn jù lọ. Mósè ń súre fún Jósẹ́fù, ó fi ìwo rẹ̀ wé ìwo rẹ́ẹ̀mù. Rẹ́ẹ̀mù kan ṣoṣo ni Hébérù sọ, ṣùgbọ́n ìwo rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, nítorí Éfúráímù àti Mánásè ni ìwo méjèèjì. Gíríìkì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: àwọn ìwo oníwo-kan! Àwọn atúmọ̀ ti 1611 rí i pé kò bọ́gbọ́n mu. Wọ́n wá sọ ẹranko náà di púpọ̀, kí yúníkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan lè ní ìwo tirẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí etí ìwé pé ẹyọ kan ni Hébérù wí. Olóòótọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń ka etí ìwé? Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé èdè Yorùbá, ẹ̀rí yẹn pa rẹ́ pátápátá, torí pé “ìwo àgbáǹréré” lè jẹ́ ti ẹranko kan tàbí ti ọgọ́rùn-ún.

Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther kọ́ Gíríìkì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé ojú ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1884 ni Bíbélì Yorùbá parí. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní 1885, ni Májẹ̀mú Láéláé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ṣe jáde, tí wọ́n sì pa yúníkọ́ọ̀nù tì, tí wọ́n kọ màlúù igbó. Wọ́n tún Bíbélì Yorùbá ṣe ní 1900, àgbáǹréré kò kúrò níbẹ̀.

A kò dá Crowther lẹ́bi lórí èyí. Kò dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún ẹranko tí kò sí. Ó mú èyí tó wà, tó lágbára, tí a kò lè sìn. Àgbáǹréré ilẹ̀ Áfíríkà sì ní ìwo méjì lórí imú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Èyí ni pé ìwo kan ti sọnù nínú Bíbélì Yorùbá fúnra rẹ̀. Oníwàásù ló padà lọ gbé e wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tí kò gbọ́ Hébérù pàápàá lè fura, bó bá ka àwọn ẹsẹ tó yí ọ̀rọ̀ náà ká. Nínú Jóòbù 39:9-12, Ọlọ́run béèrè bóyá rẹ́ẹ̀mù yóò sùn ní ibùjẹ ẹran, bóyá a lè fi okùn dè é kó túlẹ̀, kó sì kó ọkà wá sílé. Iṣẹ́ màlúù ni gbogbo ìwọ̀nyí, ìbéèrè náà kò sì ní adùn àfi bí ẹranko náà bá jọ màlúù tí ń túlẹ̀, tó sì kọ̀ láti túlẹ̀. Nínú Sáàmù 29:6, ọmọ màlúù ni wọ́n dárúkọ pẹ̀lú rẹ̀. Nínú Aísáyà 34:7, akọ màlúù ni.

Bí wọ́n bá ní kí àwa mú ọ̀rọ̀ kan, ẹfọ̀n la máa mú. Òun náà kì í ṣe rẹ́ẹ̀mù gan-an, ṣùgbọ́n ìbátan màlúù ni, ó ní ìwo méjì, ọdẹ tó bá sì ṣá a lọ́gbẹ́ mọ ohun tó ń sá fún. Ẹni tó bá gbàdúrà Sáàmù 92 pẹ̀lú ẹfọ̀n lọ́kàn ń tọrọ agbára lọ́wọ́ Ọlọ́run lójú àwọn ọ̀tá tí ẹsẹ kọkànlá dárúkọ. Ti pé kí a má ní orogún, onísáàmù kò mẹ́nu bà á níbẹ̀.