Ẹ̀rí Ìhun

Ẹ̀rí ìhun ni ọ̀nà tí onímọ̀ ìṣirò fi ń fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ nípa ohun tí a kọ́ láti ara irú rẹ̀ tó kéré sí i. Ẹ jẹ́ ká mú igi ẹlẹ́ka méjì. Ewé kan ṣoṣo jẹ́ igi. Bí A àti B bá jẹ́ igi, tí a so wọ́n mọ́ oríta kan, igi ni èyí náà. Yàtọ̀ sí méjèèjì yìí, kò sí igi mìíràn.

A fẹ́ fi hàn pé iye ewé máa ń fi 1 ju iye oríta lọ. Ewé kan ṣoṣo ní ewé 1 àti oríta 0, ó bá a mu. Ẹ wá gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún A tó ní oríta m, àti B tó ní oríta n. Igi tuntun ní ewé (m+1)+(n+1), ìyẹn m+n+2, oríta rẹ̀ sì jẹ́ m+n+1 nítorí oríta tuntun. Ó parí.

Irú ẹ̀rí yìí náà ló ń fi hàn pé àkámọ́ ṣíṣí àti títì dọ́gba nínú gbólóhùn ọgbọ́n-orí tó tọ̀nà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn mú igi kékeré, kó sọ ewé kan di oríta, kó sì rò pé òun ti kan gbogbo igi láìfi ìdí ìyẹn múlẹ̀. Igi tó wù kó jẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ wá tú u sí A àti B. Ẹ̀rí náà kò sì ṣiṣẹ́ fún igi aláìlópin: èyí tí gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ oríta kò ní ewé kankan.